Àròkọ ìdánwò lórí ìdájọ́ àtẹ̀yìnwá: ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń bi mí ní Ọ̀yọ́

Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin máa ń yà sí ọ́fíìsì mi ní Owódé, Ọ̀yọ́. Bí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kókó kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbé wá: báwo ni ilé ẹjọ́ ṣe ń tẹ̀ lé ìdájọ́ tó ti wà nílẹ̀, ìgbà wo ló sì máa ń yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀? Wọ́n ti ka ìwé. Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ kí aago tó lù. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi kọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, àmọ́ mo ti rí i pé ẹni tí kò bá lè ro ọ̀rọ̀ náà já ní Yorùbá, àkọ́sórí ló máa kó sórí ìwé. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ àwọn ìdáhùn yìí sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń sọ wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá ní kí n "jíròrò" lórí ìdájọ́ àtẹ̀yìnwá, kí ni wọ́n ń bi mí gan-an?

Wọ́n ń bi ọ́ ní èrò rẹ lórí ìjà kan. Ìjà náà wà láàárín ohun méjì tí òfin ń fẹ́ pọ̀. Èkíní ni pé kí ẹni tó wá sí kóòtù lónìí gba irú ìdájọ́ tí ẹni tó wá lánàá gbà, kí àwọn tó ń ra ilẹ̀, tó ń kọ ìwé àdéhùn, tó ń pín ogún, lè mọ ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà. Èkejì ni pé bí ìdájọ́ àná bá kù díẹ̀ káàtó, kí a má fi ìyà rẹ̀ jẹ ọmọ tuntun. Gbogbo ìbéèrè tí mo ti rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, bó ti wù kí wọ́n gbé e gbà, inú ìjà yìí ló wà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ọmọ rí ọ̀rọ̀ náà kó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ilé ẹjọ́ bí ẹni ń to abọ́: Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ lókè, Kòtẹ́milọ́rùn lábẹ́ rẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga lábẹ́ ìyẹn, títí dé kóòtù ìbílẹ̀. Èmi náà ṣe é ní ọdún kejì mi ní yunifásítì. Ojú ewé méjì gbáko ni mo fi to wọ́n, mo sì wo aago, ìdajì àkókò mi ti lọ láìtíì dá ìbéèrè lóhùn. Gbólóhùn kan tó nípọn tó fún àtòjọ yẹn: abala 287 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè 1999 pàṣẹ pé kí ilé ẹjọ́ tó wà nísàlẹ̀ mú ìdájọ́ tòkè ṣẹ. Kọ ọ́, kí o sì kọjá.

Ìbéèrè mẹ́rin ni a ó dáhùn ní wákàtí mẹ́ta. Báwo ni kí n ṣe pín àkókò?

Ìṣẹ́jú 45 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fi ìṣẹ́jú méje ronú kí o sì ya ìlànà rẹ sí ẹ̀yìn ìwé, fi 33 kọ̀wé, kí o fi márùn-ún tó kù ka ohun tí o kọ. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ọmọ nígbà tí mo bá ní kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú méje láìkọ̀wé nígbà tí bírò àwọn tó kù ti ń sáré. Àmọ́ ní ìṣẹ́jú 33, ojú ewé mẹ́ta sí mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn lè fi ọwọ́ kọ kó ṣeé kà. Ojú ewé mẹ́rin kò gba ju ẹjọ́ méjì tí a tú palẹ̀ dáadáa àti mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a kàn tọ́ka sí lọ. Nítorí náà, iṣẹ́ ìṣẹ́jú méje yẹn ni kí o yan ẹjọ́ méjì náà, kí o sì kọ gbólóhùn kan tó jẹ́ ìdáhùn rẹ. Bí o kò bá tíì rí gbólóhùn yẹn, má tíì bẹ̀rẹ̀.

Yíyà kúrò, fífagi lé, yíyí ìdájọ́ padà, yíya ẹjọ́ sọ́tọ̀: ṣé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn?

Rárá o, ẹni tó bá sì dà wọ́n pọ̀ ti pàdánù máàkì ní ojú ewé àkọ́kọ́.

Yíyí ìdájọ́ padà ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹjọ́ kan náà bó ti ń gun òkè. Lágbájá jàre ní Ilé Ẹjọ́ Gíga, wọ́n gbé e lọ sí Kòtẹ́milọ́rùn, ó jẹ̀bi níbẹ̀. Àwọn tó ń jẹjọ́ yẹn nìkan ló kàn.

Fífagi lé jẹ́ ti ẹjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ilé ẹjọ́ òde òní sọ pé ìlànà tí ẹjọ́ àtijọ́ kan gbé kalẹ̀ kì í ṣe òfin mọ́. Àwọn tó jẹ ẹjọ́ àtijọ́ náà ti lọ sílé, ìdájọ́ tiwọn dúró bó ṣe wà, àmọ́ kò sí ẹni tó lè gbé ìlànà náà wá sí kóòtù mọ́. Nígbà tí ilé ẹjọ́ bá ṣe èyí sí ìdájọ́ ti ara rẹ̀, tó sọ pé "a kò ní tọ ọ̀nà yẹn mọ́", òun ni à ń pè ní yíyà kúrò.

Yíya ẹjọ́ sọ́tọ̀ ni pé kí adájọ́ gbà pé ìlànà àtijọ́ ṣì fìdí múlẹ̀, kó sì fi hàn pé kò dé orí ẹjọ́ tó wà níwájú òun, nítorí ohun kan tó ṣe pàtàkì nínú ìtàn ẹjọ́ méjèèjì kò bára mu. Òun nìkan ni ọ̀nà tó mọ́ tí adájọ́ kékeré ní láti má tẹ̀ lé ìdájọ́ tòkè.

Ẹ fún mi ní àpẹẹrẹ yíya ẹjọ́ sọ́tọ̀ tí n kò ní gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí ni kí a mú, nítorí kò sí agboolé tí kò mọ̀ ọ́n. *Ekpendu v Erika* ti 1959 sọ ohun méjì. Bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìgba ìyọ̀ǹda àwọn àgbà ẹbí tó kù, títà náà ṣeé tú ká bí wọ́n bá tètè lọ sí kóòtù. Àmọ́ bí ọmọ ẹbí lásán bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, títà náà kò wáyé rárá. Bí ẹni pé wọn kò tà á ni.

Wàyí o, jẹ́ ká sọ pé ilé kan wà ní Ìsokùn. Àbúrò kan ta apá kan ilẹ̀ náà, olórí ẹbí kò mọ̀ sí i, wọ́n sì gbé ẹni tó rà á lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga níbí ní Ọ̀yọ́. Agbẹjọ́rò ẹbí ṣí *Ekpendu*, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí. Agbẹjọ́rò ẹni tó rà á wá mú ìwé jáde pé ọdún mẹ́wàá ṣáájú kí wọ́n tó tà á ni wọ́n ti pín ilẹ̀ náà láàárín àwọn ọmọ, oníkálukú gba tirẹ̀, ìpín tirẹ̀ ni àbúrò yìí sì tà. Ilẹ̀ tí a ti pín kì í ṣe ilẹ̀ ẹbí mọ́. Adájọ́ tó bá dá ẹni tó rà á láre kò tako *Ekpendu* rárá. Ó kàn ní ilẹ̀ ẹbí ni *Ekpendu* ń sọ, ilẹ̀ ẹnìkan sì nìyí.

Ohun tí olùkọ́ ń wá níbẹ̀ ni bóyá o mọ ohun tó jẹ́ gbòǹgbò ìdájọ́ àtijọ́, èyí tí à ń pè ní réṣíò. Pé Ìsokùn ni ilẹ̀ náà wà kò já mọ́ nǹkan kan. Pé wọ́n ti pín in ni ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà, nítorí orí jíjẹ́ ilẹ̀ ẹbí ni gbogbo ìlànà *Ekpendu* dúró lé. Bí o bá ń ya ẹjọ́ sọ́tọ̀ nínú àròkọ, sọ èyí tó jẹ́ gbòǹgbò, kí o sì sọ ìdí tí igi náà fi wó nígbà tí gbòǹgbò kò sí níbẹ̀.

Bí adájọ́ kékeré bá dá a lójú pé ìdájọ́ tòkè kò dára ńkọ́?

Ó lè sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. *Dalhatu v Turaki* ti 2003 ni kí o fi tì í lẹ́yìn. Adájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga kan kọ̀ láti tẹ̀ lé *Onuoha v Okafor* ti 1983, ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ lórí ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèlú lè fà kalẹ̀ fún ìbò. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé òkè, wọ́n bá irú ìwà bẹ́ẹ̀ wí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó le gan-an, wọ́n pè é ní àfojúdi. Gbólóhùn méjì tó fún un nínú àròkọ rẹ.

Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ńkọ́? Ṣé ìdájọ́ tirẹ̀ de òun náà?

Ó dè é, àfi ní ọ̀nà mẹ́ta tí *Young v Bristol Aeroplane* ti 1944 là sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn kóòtù wa náà ń lò. Bí ìdájọ́ ara rẹ̀ méjì bá ń bára wọn jà, ó lè yan ọ̀kan. Bí ìdájọ́ rẹ̀ kò bá bá ti ilé ẹjọ́ òkè mu mọ́, ó gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀. Bí ìdájọ́ náà bá sì wáyé nígbà tí ilé ẹjọ́ gbàgbé òfin tàbí ìdájọ́ tó yẹ kó darí rẹ̀, ìyẹn pà inkúríámù, kò dè é. Rántí pé "gbàgbé òfin" yàtọ̀ sí "tú òfin sí ọ̀nà tí kò wù mí". Ọ̀pọ̀ àròkọ ló ń ṣubú síbẹ̀.

Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ wá ni olórí gbogbo wọn. Ta ló wá lè ní kó yà kúrò nínú ìdájọ́ ara rẹ̀?

Ẹni tó ń jẹjọ́ ló máa ń bẹ̀ ẹ́, ìbẹ̀bẹ̀ náà sì ní ìlànà. Nínú Òfin Ìlànà Ilé Ẹjọ́ náà ti 1985, tí wọ́n lò kí ti 2024 tó rọ́pò rẹ̀, Àṣẹ 6, ìlànà 5(4) sọ pé agbẹjọ́rò tó bá fẹ́ kí ilé ẹjọ́ yà kúrò nínú ìdájọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ní ìpínrọ̀ ọ̀tọ̀ nínú ìwé àlàyé rẹ̀, kó hàn gbangba, kó sì tún un sọ láàárín àwọn ìdí rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ fi bò wọ́n lójú. Nínú *Adegoke Motors v Adesanya* ti 1989, Adájọ́ Oputa sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo lọ́yà mọ̀: kì í ṣe torí pé a kò lè ṣìṣe ni ọ̀rọ̀ wa fi jẹ́ àṣekágbá; torí pé ọ̀rọ̀ wa jẹ́ àṣekágbá ni a fi dà bí ẹni tí kò lè ṣìṣe. Ohun tó tẹ̀ lé e ni àwọn ọmọ kì í rántí kọ, òun gan-an ló sì wúlò fún ọ: ó ní ó sàn kí ilé ẹjọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe ju kó máa bá a lọ nínú rẹ̀, kí àwọn agbẹjọ́rò sì wá bẹ̀bẹ̀ ní gbangba pé kí a fagi lé ìdájọ́ tí wọ́n bá rí i pé ó ṣì.

Wọ́n sì ti ṣe é. Ní 1980, nínú *Bucknor-Maclean v Inlaks*, wọ́n yà kúrò nínú ìdájọ́ méjì tí àwọn fúnra wọn ṣe ní 1974, *Shell-BP v Jammal* àti *Owumi v Paterson Zochonis*.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú ẹjọ́ kan kí ẹ tú u palẹ̀ fún wa títí dé ìsàlẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìtàn *Ifezue v Mbadugha*, nítorí ibẹ̀ ni ilé ẹjọ́ ti KỌ̀ láti yà kúrò. Gbogbo ènìyàn ló ń kọ nípa ìgbà tó yà. Ẹni tó bá lè ṣàlàyé ìgbà tó kọ̀ ló mọ ọ̀rọ̀ náà.

Òfin Orílẹ̀-èdè 1979, abala 258(1), sọ pé lẹ́yìn tí ẹ̀rí bá parí tí àwọn agbẹjọ́rò sì ti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọn, ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ kọ ìdájọ́ rẹ̀ kó sì kà á láàárín oṣù mẹ́ta. Ìdí rẹ̀ yé gbogbo wa: ìdájọ́ tó bá pẹ́ jù, adájọ́ ti gbàgbé bí ojú ẹlẹ́rìí ṣe rí. Àmọ́ òfin náà kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí oṣù mẹ́ta bá kọjá. Ní 1984, nínú *Ifezue*, ìbéèrè náà dé iwájú Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Àwọn tó pọ̀ jù lára wọn ní "gbọ́dọ̀" túmọ̀ sí gbọ́dọ̀: ìdájọ́ tó bá jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òtúbáńtẹ́ ni.

Fojú inú wo ohun tí ìyẹn dá sílẹ̀. Bàbá kan ti jẹjọ́ ọdún mẹ́jọ lórí ilẹ̀ rẹ̀, ó jàre. Adájọ́ fi ọjọ́ mẹ́wàá kọjá oṣù mẹ́ta. Bàbá náà kò pẹ́, agbẹjọ́rò rẹ̀ kò pẹ́, síbẹ̀ ìdájọ́ ti dòfo, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ẹlẹ́rìí méjì ti kú. Adájọ́ ló jẹ gbèsè, ẹlẹ́jọ́ ló san án.

Ní 1985, nínú *Odi v Osafile*, wọ́n bẹ ilé ẹjọ́ pé kó yà kúrò nínú *Ifezue*. Àwọn tó pọ̀ jù kọ̀. *Ifezue* dúró.

Ní ọdún 1985 kan náà, ìjọba ológun gbé Àṣẹ Ìjọba nọ́ńbà 17 jáde. Ó fi ìsọ̀rí tuntun kún abala 258 pé a kò ní tìtorí pé oṣù mẹ́ta kọjá nìkan ba ìdájọ́ jẹ́, àfi bí ẹni tó ń ráhùn bá fi hàn pé pípẹ́ náà ti fi ìdájọ́ òdodo du òun. Ohun kan náà ló wà lónìí nínú Òfin Orílẹ̀-èdè 1999: abala 294(1) fún wọn ní ọjọ́ 90, abala 294(5) sì ní pípẹ́ nìkan kò tó.

Níbí ni mo máa ń dá àwọn ọmọ dúró. Mo á bi wọ́n pé: ta ló fagi lé *Ifezue*? Ọ̀pọ̀ á ní *Odi* ni. Irọ́ ni; *Odi* gbè é lẹ́yìn. Kò sí ilé ẹjọ́ kankan tó fagi lé e níbẹ̀. Ẹni tó ṣòfin ló yí ọ̀rọ̀ òfin tí *Ifezue* dúró lé padà, ìdájọ́ náà sì dà bí igi tí omi gbé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ. Bí o bá lè kọ ìyàtọ̀ yìí sílẹ̀ kedere, ẹni tó ń ṣe máàkì á mọ̀ pé o ka ẹjọ́ náà, pé kì í ṣe àkójọ orúkọ lo há sórí.

Bí èmi ṣe ń ka *Odi* nìyí o: ó fi hàn wá pé kí a fi hàn pé ìdájọ́ kan ń ni ẹnìkan lára kò tó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá wà nínú ìwé òfin, ọwọ́ ẹlòmíràn wà tó lè tún un ṣe, ó sì tún un ṣe kí ọdún tó yí. Olùkọ́ rẹ lè rò ó lọ́nà mìíràn. O lè bá mi jiyàn nínú àròkọ rẹ, ṣùgbọ́n jiyàn lórí ẹjọ́ gidi.

Ẹjọ́ kejì wo ni kí n fi tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́?

*R v Shivpuri*. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, kò sì de kóòtù wa, àmọ́ ó dára láti fi wọn *Odi*.

Kọ́kọ́ mọ̀ pé láti *London Tramways* ti 1898, Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ àṣekágbá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, gbà pé ìdájọ́ ara wọn dè wọ́n pátápátá. Ní ọjọ́ 26 oṣù Keje 1966, wọ́n kéde pé àwọn á máa yà kúrò nígbà tó bá tọ́. Nínú ìkéde náà, wọ́n ní àwọn á máa rántí ewu tó wà nínú dída àdéhùn, ètò ohun ìní àti ètò owó orí àwọn ènìyàn rú, àti pé òfin ọ̀daràn ní pàtàkì gbọ́dọ̀ dá ènìyàn lójú.

Ní 1985, *Anderton v Ryan* dé. Arábìnrin kan ra ẹ̀rọ fídíò ní pọ́n-ùn 110. Ó sọ fún ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ pé òun gbà pé olè ló jí i. Kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n jí i lóòótọ́. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó gbìyànjú láti gba ẹrù olè lábẹ́ Òfin Ìgbìyànjú Ọ̀ràn ti 1981. Àwọn Lọ́ọ̀dù dá a sílẹ̀, bíi pé ènìyàn kò lè gbìyànjú ohun tí kò ṣeé ṣe. Ọ̀mọ̀wé Glanville Williams kọ̀wé ta kò wọ́n gidigidi, nítorí òfin 1981 náà sọ tààrà pé ó lè jẹ́ ọ̀ràn.

Ní 1986, Shivpuri dé. Ó gbà pé oògùn olóró ni òun gbé. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, aṣáà tàbí ewé lásán kan tó jọ ọ́ ni. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé *Anderton*, ó yẹ kó lọ sílé. Lọ́ọ̀dù Bridge, tó wà lára àwọn tó dá arábìnrin yẹn sílẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú, ló darí ìdájọ́ náà. Ó jẹ́wọ́ pé àwọn ṣìṣe, ó ní bí àṣìṣe ńlá bá ti wọ inú òfin, bí a bá ṣe tètè tún un ṣe tó ni ó ṣe dára tó. Ó kọ́kọ́ wò ó bóyá òun lè ya ẹjọ́ méjèèjì sọ́tọ̀, ó sì gbà pé kò ṣeé ṣe lótìítọ́. Ọ̀rọ̀ òfin ọ̀daràn tó gbọ́dọ̀ dá ènìyàn lójú ńkọ́? Ó ní òun kò rí ẹni tó lè sọ pé òun gbára lé *Anderton* láti ṣe ohun tí òun gbà pé kò lòdì sófin. Ẹ̀bi Shivpuri dúró.

Báwo ni mo ṣe máa so méjèèjì pọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 33?

Jẹ́ ká sọ pé ìbéèrè náà ni: "Ilé ẹjọ́ àṣekágbá kò gbọ́dọ̀ jókòó ti àṣìṣe ara rẹ̀. Jíròrò." Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ mi á lọ báyìí:

"Ilé ẹjọ́ àṣekágbá lágbára láti yà kúrò nínú ìdájọ́ ara rẹ̀, àmọ́ àṣìṣe nìkan kò tó láti mú un yà. Ìbéèrè méjì ló ń pinnu rẹ̀: ta ló ti gbé ètò ayé rẹ̀ lé ìdájọ́ àtijọ́ náà, ta ni ó sì yẹ kó tún un ṣe? *Shivpuri* yà nítorí kò sí ẹni tó gbára lé *Anderton*. *Odi* kọ̀ láti yà, àtúnṣe sì ti ọwọ́ aṣòfin wá."

Gbólóhùn mẹ́rin péré, ẹni tó ń kà á sì ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ìpínrọ̀ kejì á sọ agbára náà: *Adegoke Motors*, *Bucknor-Maclean*, àti bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Ìpínrọ̀ kẹta ni *Shivpuri*. Má sọ ìtàn rẹ̀ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ìdí tó fi yà ló ní máàkì. Ìkẹrin ni *Odi*, òun ni kí o fún ní àyè jù. Ìkarùn-ún ni kí o dojú kọ ohun tó lè ba àlàyé rẹ jẹ́. Bí àpẹẹrẹ, *Anderton* náà jẹ́ títú ìwé òfin, ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ì bá sì tún un ṣe. Kí ló dé tí àwọn Lọ́ọ̀dù kò fi dúró dè wọ́n? Mo lè dáhùn pé aṣòfin ti sọ̀rọ̀ tán ní 1981, ilé ẹjọ́ ni kò gbọ́. Nígbà tó jẹ́ pé òfin 1979 dákẹ́ lórí ìyà tó tọ́ sí pípẹ́. Ìpínrọ̀ yìí ló ń ya àròkọ tó dára sọ́tọ̀ sí èyí tó kàn péye, òun sì ni ohun tí àwọn ọmọ kì í ráyè kọ nítorí àtòjọ ilé ẹjọ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Bí mo bá gbàgbé ọdún tàbí orúkọ ẹjọ́ ńkọ́?

Kọ ohun tí o rántí, kí o sì sọ ìtàn ẹjọ́ náà: "ẹjọ́ arábìnrin tó ra ẹ̀rọ fídíò". Ọdún tí o gbàgbé kò pa ọ́ lára púpọ̀. Ọdún tí o fi ọwọ́ ara rẹ dá ló burú, pàápàá níbí, nítorí bí o bá fi *Odi* ṣáájú *Ifezue*, gbogbo àlàyé rẹ ti dojú dé.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé àròkọ mi ti ń yà bàrá nígbà tí mo ṣì ń kọ ọ́?

Wo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ rẹ kọ̀ọ̀kan. Bí ìpínrọ̀ mẹ́ta bá fi orúkọ ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ìtàn lò ń sọ, o ti kúrò lórí àríyànjiyàn. Kí àlàyé rẹ ṣáájú, kí ẹjọ́ tẹ̀ lé e bí ẹlẹ́rìí. Àmì kejì ni "gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ ṣáájú". Ibi tí o bá ti kọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí o ti máa tún ara rẹ sọ. Ẹ̀kẹta ni kí o ka gbólóhùn rẹ kan kí o sì bi ara rẹ pé: bí wọ́n bá yí ìbéèrè padà pátápátá, ṣé ó ṣì lè dúró síbẹ̀? Bó bá lè dúró, kò dá ìbéèrè yìí lóhùn.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù, ìpínrọ̀ méjì ni mi ò tíì kọ.

Má sáré kọ méjèèjì. Fi *Bucknor-Maclean* àti àwọn yòókù sílẹ̀, lọ tààrà sí ìpínrọ̀ tó dojú kọ àtakò, kí o kọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́rin pípé. Lẹ́yìn náà, padà sí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ rẹ kí o wò ó bóyá ohun tí o ṣèlérí níbẹ̀ ni o ṣe. Bí o bá sọ pé ìbéèrè méjì ló ń pinnu ọ̀rọ̀ náà tó sì jẹ́ ọ̀kan péré lo dáhùn, fa ilà sí ọ̀rọ̀ "méjì", kọ "kan" sókè rẹ̀, kí o sì gbé bírò sílẹ̀.